Ta ló ń to ìlà nínú ráútà yín? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí píǹgì géèmù fi lè dúró sójú kan nílé tí gbogbo èèyàn ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Ẹ wà lórí EA FC, píǹgì yín, ìyẹn iye mìlísẹ́kọ́ńdù tí dátà fi ń lọ sí sẹ́fà géèmù tó sì fi ń padà, jókòó jẹ́ẹ́ sórí 110, nítorí pé Yúróòpù ni sẹ́fà wà. Lójijì ó fò sí 510. Ẹ tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù kò kúrò lẹ́sẹ̀ yín, ẹni tí ẹ ń bá gbá á sì ti gbá tirẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń wo fíìmù nínú ilé. Bọ̀dá yín ló ti òde ìsọmọlórúkọ dé, tí fóònù rẹ̀ rí Wáìfáì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi 300 fọ́tò ránṣẹ́ sí Google Photos láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ wa á pe àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, a ó ní nẹ́tíwọọ̀kì wọn kò dáa. Àwọn náà á ní ká ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni a ó ti mọ èyí tó yẹ ká mú nínú àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀.

Kọ́ọ̀pù kan lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá

Géèmù kì í jẹ dátà púpọ̀. Ká ní ó ń fi pákẹ́ẹ̀tì 60, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 báìtì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mẹ́gábíìtì kan. Lórí fáíbà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 20 wọlé, tó sì ń gbé 20 jáde, àyè pọ̀ rẹpẹtẹ fún un. Ìdúró ló ń pa á.

Ẹ ro ti ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Bọ̀dá yín gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá síwájú, ọmọ kékeré kan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, omi ń ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní mu omi títí kẹ́ẹ̀gì kẹwàá á fi kún. Inú módẹ́ẹ̀mù yín ni ìlà yìí wà. Ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró de àyè ni wọ́n ń pè ní bọ́fà, àwọn tó ń ṣe módẹ́ẹ̀mù sì fẹ́ràn láti mú un tóbi kí ohunkóhun má baà sọ nù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fóònù tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ máa ń dẹwọ́ nígbà tó bá rí i pé pákẹ́ẹ̀tì kan sọ nù. Bí kò bá sọ nù, kò ní dẹwọ́. Á máa tì í títí bọ́fà náà á fi kún dé ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bọ́fà módẹ́ẹ̀mù náà gba mẹ́gábáìtì 1, ìyẹn mẹ́gábíìtì 8. Bí ọ̀nà àjáde bá ń gbé 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pákẹ́ẹ̀tì tó bá dé ẹ̀yìn ìlà yóò dúró fún mìlísẹ́kọ́ńdù 400 kó tó jáde. Ẹ fi 110 tó ti wà tẹ́lẹ̀ kún un, 510 ni. Bó bá jẹ́ pé 5 péré ni ọ̀nà àjáde ń gbé, bọ́fà kan náà yóò dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ní òpin ọdún 2010 ni Jim Gettys, tó rí i nínú ilé ara rẹ̀, sọ ọ́ lórúkọ tí ẹ ó máa rí lójú àwọn ibi àyẹ̀wò: Bufferbloat.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni

Ẹ ṣí fast.com, kí ẹ tẹ ibi tó ti ń fi àlàyé sí i hàn. Ẹ ó rí oríṣi ìdúró méjì: `Unloaded`, nígbà tí ọ̀nà ṣófo, àti `Loaded`, nígbà tó dí. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 12, tí ìkejì jẹ́ 19, ẹ fi ráútà yín sílẹ̀, ibòmíràn ni àìsàn yín wà. Bí ìkejì bá jẹ́ 300, a ti rí i.

Àyẹ̀wò kejì ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí ó ń sọ ibi tí ìlà wà. Ẹ ṣí ojú Command Prompt méjì lórí kọ̀ǹpútà Windows, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́:

```
ping -t 192.168.1.1
ping -t 1.1.1.1
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ráútà inú ilé yín (tiyín lè yàtọ̀), èkejì wà níta. Bó bá jẹ́ ti ìta nìkan ló gòkè, ọ̀nà tó jáde nílé ni ìlà wà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò wò ó. Ṣùgbọ́n bí ti ráútà fúnra rẹ̀ bá ń fò sí 80 tàbí 150, Wáìfáì yín ló ń ṣàìsàn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ètò ìsàlẹ̀ yìí tó máa ràn yín lọ́wọ́. Wáyà ni kí ẹ fà sí ẹ̀rọ géèmù yín. Mo ti rí ẹni tó lo ọjọ́ ìsinmi odindi lórí ètò ráútà, nígbà tó jẹ́ pé ògiri méjì àti fìríìjì ló wà láàárín òun àti Wáìfáì.

Kí a ra èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?

Ẹ padà sí ìṣírò wa. Ẹ ra 40 dípò 20: mẹ́gábíìtì 8 tó wà nínú bọ́fà yóò jáde ní mìlísẹ́kọ́ńdù 200. Píǹgì yín á jẹ́ 310. Ẹ ti sanwó kún owó, ẹ ò sì tíì lè gbá bọ́ọ̀lù. Fọ́tò bọ̀dá yóò tètè tán, ìyẹn nìkan ni èrè rẹ̀. Ibi tí owó yìí ti wúlò ni ibi tí ọ̀nà bá há jù lóòótọ́. Lórí ọ̀nà àjáde mẹ́gábíìtì 1, pákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo tó jẹ́ 1500 báìtì ń gba mìlísẹ́kọ́ńdù 12 kó tó kọjá, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó lè gé e sí méjì.

QoS tó ti wà nínú ráútà tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ráútà ọjà ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé ẹ̀rọ géèmù ni kó máa ṣáájú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìlà wà. Láàárín ráútà àti módẹ́ẹ̀mù, wáyà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 1000 ló wà níbẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì kì í dúró nínú ráútà rárá. Ó ń sáré kọjá, ó sì ń lọ kó jọ nínú módẹ́ẹ̀mù tó wà níwájú. Ẹ fi àgbà síwájú níbi tí kò sí èrò, nígbà tí èrò wà ní ẹnu géètì tó kàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi tan QoS wọn tí wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Àwọn kan nínú wọn ní àyè tí ẹ ti lè kọ iye tí ọ̀nà yín ń gbé. Bí tiyín bá ní, ẹ kọ iye tó kéré díẹ̀ sí ti òótọ́, ẹ ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ráútà ti wá di ibi tó há jù, ìlà sì ti wọ inú rẹ̀. Èyí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé: ìlà máa ń wà níbi tó há jù lọ, ẹ ò sì lè tò ó àfi bó bá wà nínú àpótí tí ẹ ní àṣẹ lé lórí.

Àwọn míì máa ń dé fóònù bọ̀dá mọ́ mẹ́gábíìtì 3. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lágogo méjì òru, nígbà tí gbogbo ilé bá sùn, 3 náà ni yóò ṣì máa lò, 17 á sì ṣòfò. Èmi kì í gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni tó bá lè rí ọ̀nà míì.

fq_codel àti cake, àwọn tó ń to ìlà

Ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ yan nínú wọn. Ẹ ó rí wọn nínú ráútà tó ń lo OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní SQM, àti nínú MikroTik tó bá ń lo RouterOS 7.

Àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì méjì, Kathleen Nichols àti Van Jacobson, ló gbé CoDel, ìpìlẹ̀ `fq_codel`, jáde ní ọdún 2012. Kì í ka iye èèyàn tó wà lórí ìlà, aago ló ń wò. Bí pákẹ́ẹ̀tì tó tètè kọjá jù bá ṣì ń dúró ju mìlísẹ́kọ́ńdù 5 lọ, tí èyí sì ń bá a lọ fún 100 gbáko, á sọ pákẹ́ẹ̀tì kan nù. Fóònù bọ̀dá á rí i, á dẹwọ́. Bí kò bá dẹwọ́ tó, á tún sọ òmíràn nù, lemọ́lemọ́ sí i. Lẹ́tà méjì tó wà níwájú, `fq`, ni ti kọ́ọ̀pù: dípò ìlà kan, ó pín in sí ọ̀pọ̀ ìlà kéékèèké, ọ̀kan fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bu omi fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé ohun díẹ̀ wá, tó gbà á, tó sì lọ, yóò máa rí ọ̀nà níwájú nígbàkigbà tó bá padà dé. Géèmù nìyẹn. Ẹ ò sọ fún un pé géèmù ni o. Ó mọ̀ ọ́n nípa pé kì í kó ẹrù jọ.

`cake` wọ inú Linux ní ọdún 2018. Ohun tí `fq_codel` ń ṣe ni òun náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ohun èlò tirẹ̀ tó fi ń dín ọ̀nà kù, ó sì lè fi orí èèyàn pín in kó tó fi ìlà pín in. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ká ní àbúrò yín ń fi tọ́rẹ́ǹtì gba fíìmù, tó ṣí ìlà 40. Lójú `fq_codel`, ìlà 41 ló wà níbẹ̀, 40 jẹ́ ti àbúrò, ọ̀kan jẹ́ tiyín. Nínú mẹ́gábíìtì 17 tó ń wọlé, bí 0.4 ló kàn yín. Nínú `cake` tí ẹ bá tò dáadáa, èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, 8.5 ló sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wò ó dáadáa: géèmù tí a ṣírò lókè kò tó 0.1. 0.4 tó fún un, ó tún ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bó bá jẹ́ píǹgì géèmù nìkan ni ẹ ń wá, `fq_codel` àti `cake` kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta ráútà olówó ńlá fún yín. Ibi tí `cake` ti borí ni ibi tí ohun tí ẹ ń ṣe bá ń jẹ dátà gidi: géèmù orí ìkùukùu tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí yín, tàbí ìpè fídíò ìyá yín pẹ̀lú ọmọ tó wà ní Mánṣẹ́sítà. 0.4 kò lè gbé ìyẹn.

| | Ra ọ̀nà tó yára sí i | QoS ráútà ọjà | `fq_codel` | `cake` |
|---|---|---|---|---|
| Ìdúró nígbà tí ilé bá dí | ó dín kù, kò tán | ó sábà máa ń wà bẹ́ẹ̀ | ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán | ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán |
| Ìpínlọ́gbọọgba láàárín èèyàn | kò sí | ẹni tí ẹ bá yàn nìkan | láàárín ìlà, kì í ṣe èèyàn | láàárín èèyàn |
| Agbára tó ń gbà lọ́wọ́ ráútà | kò sí | díẹ̀ | ó ṣeé gbà | ó jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ | owó oṣooṣù | àkókò yín | bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 | bákan náà |

Ìlà kẹta inú tábìlì yẹn ló máa ń pinnu. Ráútà àtijọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kò lágbára lè to mẹ́gábíìtì 20 pẹ̀lú `cake` láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé 300 lé e lórí, òun fúnra rẹ̀ á di ibi tó há. Níbẹ̀ ni `fq_codel` ti wúlò, nítorí ó fúyẹ́ díẹ̀. Bí òun náà bá kọ̀, ẹ ra ráútà tó lágbára ju èyí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo 4G tàbí 5G

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí gbà pé ẹ mọ iye tí ọ̀nà yín ń gbé. Fáíbà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ráútà tó ń lo síìmù lè fún yín ní 35 lówùúrọ̀, kó fún yín ní 6 lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti dé. Bí ẹ bá tò ó sí 30, lálẹ́ ìlà á padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni òpó nẹ́tíwọọ̀kì, ètò yín á sì di òfo. Bí ẹ bá tò ó sí 5, ẹ ó máa jìyà ní gbogbo òwúrọ̀.

Ìdáhùn tó wà fún èyí ni `cake-autorate`, ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí OpenWrt. Ó ń ṣe píǹgì sí ìta láìdúró. Bí ìdúró bá gòkè, á dín iye `cake` kù, bó bá rọlẹ̀, á tún gbé e sókè. Ẹ ó sọ fún un bó ṣe lè kéré tó àti bó ṣe lè pọ̀ tó, pẹ̀lú `min_dl_shaper_rate_kbps` àti `max_dl_shaper_rate_kbps`, àti àwọn ti àjáde tó bá wọn mu. Kò lè dà bí fáíbà, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìdúró kó tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dín in kù; ẹ ó ṣì máa rí i tí píǹgì ń fò sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá lè lo OpenWrt, ẹ tò ó sí iye alẹ́, nítorí alẹ́ ni ẹ ń ṣe géèmù.

Ilé bọ̀dá, láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fáíbà 20 yẹn. Ẹ gbé ráútà OpenWrt sẹ́yìn àpótí àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn módẹ́ẹ̀mù, kí ẹ fi `luci-app-sqm` sínú rẹ̀, kí ẹ wọn ọ̀nà yín nígbà tí kò sí ẹni tó ń lò ó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 85 nínú 100 fún àwọlé àti 90 fún àjáde. Àwọlé ló nílò àyè jù, nítorí pé pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kọjá ibi tó há kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kàn lè fi sísọ nù sọ fún ẹni tó ń fi ránṣẹ́ pé kó dẹwọ́ ni.

```
config queue
    option enabled '1'
    option interface 'wan'
    option download '17000'
    option upload '18000'
    option qdisc 'cake'
    option script 'piece_of_cake.qos'
    option linklayer 'ethernet'
    option overhead '44'
    option qdisc_advanced '1'
    option qdisc_really_really_advanced '1'
    option iqdisc_opts 'nat dual-dsthost ingress'
    option eqdisc_opts 'nat dual-srchost'
```

`/etc/config/sqm` ni èyí wà, orúkọ `wan` sì lè yàtọ̀ nínú ráútà tiyín. `dual-dsthost` àti `dual-srchost` ló ń fi orí èèyàn pín in. `nat` sì ṣe kókó: láìsí i, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ti ráútà ni `cake` á máa rí, á rò pé gbogbo ilé jẹ́ ẹnì kan. `44` jẹ́ ti aṣọ tí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá kà á sí kéré, ìlà á yọ́ padà sínú módẹ́ẹ̀mù nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké bá pọ̀. Ó sàn kó lé díẹ̀.

Lẹ́yìn `/etc/init.d/sqm restart`, ẹ tún ṣe àyẹ̀wò píǹgì méjì yẹn. Bó bá dúró dáadáa, ẹ fi 500 kún `download` tàbí `upload`, ẹ tún dán an wò, títí píǹgì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí ẹ wá padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan.

Bí ohunkóhun kò bá yí padà, ẹ wo ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni `Hardware flow offloading` nínú ètò `Firewall`: bó bá wà ní títàn, pákẹ́ẹ̀tì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ `cake` rárá. Ìkejì ni ọpọlọ ráútà: ẹ tẹ `top` nígbà tí ọ̀nà dí, bí `idle` bá sún mọ́ 0, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìkẹta ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń pa mí lẹ́rìn-ín: àpótí àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń tan Wáìfáì tirẹ̀, fóònù bọ̀dá sì ṣì ń bá a lọ, nítorí òun ló mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Fọ́tò rẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ìlà sì ń kún bó ṣe máa ń kún. Ẹ pa Wáìfáì àpótí yẹn.

110 tó jẹ́ ti ìrìn àjò dé Yúróòpù kò ní yẹ̀, òkun ló wà láàárín. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò bá ń jáde, ẹ ó máa rí bí 115 tàbí 120. Ní ti bọ̀dá, ká ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 4: 300 rẹ̀ ì bá parí ní ìṣẹ́jú 8 lórí 20, lórí 18 yóò gbà á ní ìṣẹ́jú 9. Títí di òní, bọ̀dá kò tíì béèrè ohun tó fà á.